ETH kò dé 1,515: ohun tó ń sún Liq. Price nínú Cross

Àbúrò kan tó ń tún fóònù ṣe ní Banex, ní Wuse 2 níbí, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. 1,515 ni Liq. Price tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ra ETH. ETH ò tíì dé 1,700 pàápàá. Kí ló wá dé tí wọ́n fi kó gbogbo owó mi lọ?" Liq. Price ni iye tí kọ́ìnì bá já dé tí ilé pàṣípààrọ̀ á fi ti òwò ẹni pa. Ó ti dá àbúrò náà lójú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Mo ní kó ṣí àkọsílẹ̀ òwò rẹ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Cross ló lò, òwò méjì ló sì ṣí pọ̀.

Mo ti sọ àwọn iye owó rẹ̀ di èyí tó rọrùn láti ṣírò, kí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù tẹ̀lé mi. Àpò fíúṣọ̀ rẹ̀ ní 1,000 USDT. Ó fi ra ETH méjì nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 2,000 dọ́là, ọjà 4,000 dọ́là nìyẹn. Ìlọ́po 20 ló yàn gẹ́gẹ́ bíi lẹ́fúrééjì, nítorí náà 200 dọ́là péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òwò náà. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní májìn.

Ìyókù, 3,800 dọ́là, kì í ṣe tirẹ̀. Ilé pàṣípààrọ̀ kò sì ní jẹ́ kí àdánù wọ inú owó yẹn. Wọ́n á ti òwò náà pa kí májìn tó tán pátápátá, nígbà tí ohun tó ṣẹ́ kù bá ti kéré sí ìwọ̀n kan tí wọ́n là sílẹ̀. Ìwọ̀n yìí yàtọ̀ láti ilé pàṣípààrọ̀ kan sí òmíràn, ó sì ń ga sí i bí ọjà ẹni bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìdá 1 nínú 100 iye ọjà, ká sì fi owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ná.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi owó dúró fún òwò, Cross àti Isolated. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìbéèrè yìí: owó wo ló ń ṣe onídùúró fún òwò náà? Nínú Isolated, 200 dọ́là yẹn nìkan ni. Nínú Cross, gbogbo owó tó wà nínú àpò fíúṣọ̀ ló ti fọwọ́ sí ìwé, títí kan èyí tí ẹ rò pé ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí àkáǹtì yín bá sì jẹ́ irú èyí tó da àwọn àpò pọ̀ sójú kan, owó tí ẹ fi ra kọ́ìnì pamọ́ náà lè wà lára onídùúró.

Ẹ fi P dúró fún iye ETH lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti òwò náà pa:

```
Isolated:  200 + 2(P - 2000) = 0.01 × 2P   →  P = 1,919
Cross:    1000 + 2(P - 2000) = 0.01 × 2P   →  P = 1,515
```

Ọ̀nà méjèèjì, ọgbọ́n kan náà ni. Owó onídùúró nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó wà nínú Isolated, bí ETH bá fi ìdá 4 nínú 100 wálẹ̀ báyìí, ó ti tán fún un. ETH sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, kó tó di àárọ̀ ó ti padà sókè. Ẹni tó wà nínú Cross ní àyè ìdá 24. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn Cross: wọ́n rí i pé Liq. Price jìnnà, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ẹ tún wo nǹkan kan nínú ìṣirò kejì yẹn. Lẹ́fúrééjì kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí àbúrò yìí bá sọ ìlọ́po 20 di ìlọ́po 5 nínú Cross, 1,515 náà ni yóò ṣì máa bá pàdé. Ohun tó yí padà kò ju pé wọ́n á ya 800 sọ́tọ̀ dípò 200, kò sì ní rí owó púpọ̀ mú ṣí òwò mìíràn. Nínú Isolated, ìlọ́po 5 yóò gbé Liq. Price láti 1,919 lọ sí 1,616, nítorí pé onídùúró ti di 800. Mo máa ń bá àwọn èèyàn pàdé tí wọ́n wà nínú Cross, tí wọ́n ń dín lẹ́fúrééjì kù lójoojúmọ́, tí wọ́n rò pé àwọn ń sá fún ewu. Iye ọjà tí wọ́n gbé dání ò dín, owó àpò wọn ò sì pọ̀ sí i. Kò sí ibi tí wọ́n sá lọ.

Ká padà sọ́dọ̀ àbúrò wa. Nígbà tó rí i pé 800 dọ́là ṣì wà lọ́wọ́ tó lè lò, ó ra SOL 20 nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 150 dọ́là. Ọjà 3,000 dọ́là nìyẹn, Cross náà ni. Lójú ẹsẹ̀, Liq. Price ETH kúrò ní 1,515, ó di 1,530. Ti SOL fi 103 hàn. Ó wo méjèèjì, ó rí i pé wọ́n jìnnà réré, ó lọ sùn.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣírò 1,530 fún ETH, ó gbà pé SOL á dúró sí 150. Nígbà tó sì ń ṣírò 103 fún SOL, ó gbà pé ETH á dúró sí 2,000. Ìgbà wo lọjà kọ́ìnì ti rí bẹ́ẹ̀ rí? Bí bitikọ́ìnì bá wúkọ́, gbogbo wọn ló ń wálẹ̀ pọ̀, àwọn kéékèèké sì máa ń já ju ETH lọ. Onídùúró kan ṣoṣo ló sì fọwọ́ sí ìwé méjèèjì. Gbogbo dọ́là tí SOL bá gbé mì, ó ti kúrò lẹ́yìn ETH. Bí SOL nìkan bá já sí 135, tí ETH kò mira rárá, Liq. Price ETH á ti gòkè láti 1,530 sí 1,680.

Nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, méjèèjì ló jọ já, ní ìwọ̀n kan náà. Ọjà 7,000 dọ́là ló gbé lé 1,000 dọ́là lórí. Nígbà tí wọ́n fi ìdá 13.4 nínú 100 wálẹ̀, ETH wà ní nǹkan bí 1,732, SOL wà ní nǹkan bí 130. Ó ti pàdánù 939 dọ́là. 61 dọ́là tó kù kò ju ìdá 1 nínú 100 iye ọjà méjèèjì lọ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tì í pa. ETH kò dé 1,530, SOL kò sún mọ́ 103, síbẹ̀ àpò ṣófo.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ju òwò kan lọ nínú Cross, kó yé fi Liq. Price tí wọ́n kọ síwájú òwò kọ̀ọ̀kan ṣe ìpinnu. Ẹ da iye ọjà gbogbo òwò yín pọ̀, kí ẹ fi pín owó tó wà nínú àpò. 1,000 pín sí 7,000 jẹ́ ìdá 14 nínú 100. Ẹ yọ ìdá 1 tí ilé pàṣípààrọ̀ ń dì mú, ó ku ìdá 13. Bí gbogbo ọjà yín bá jọ fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ó parí. Ìṣirò ojú lásán ni, ó sì wà fún ẹni tí gbogbo òwò rẹ̀ dojú kọ ibì kan náà, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òótọ́ ju 1,530 lọ fíìfíì.

Ọ̀pọ̀ ilé pàṣípààrọ̀ tún ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Margin Ratio. Òun ni ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ tí wọ́n fi owó tó kù pín. Bó bá ti pé 100%, wọ́n á tì í. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín nítorí pé ó kéré, torí kì í rìn déédéé. Lọ́jọ́ tí àbúrò yìí ṣí òwò rẹ̀ kejì, 7% ló wà. Nígbà tí ọjà já ní ìdá 10, 21% péré ni. Ní ìdá 12, ó ti sún mọ́ 39%. Ní ìdá 13, ó lé ní 67%. Kí ọjà tó fi ìdá 13.5 wálẹ̀, ó ti pé 100%. Ẹni tó bá ní òun á fi owó kún un tó bá dé 50% gbọ́dọ̀ jí sílẹ̀ lóru yẹn, kí nẹ́tíwọọ̀kì sì wà.

Yíyọ owó kúrò nínú àpò náà ń sún Liq. Price. Ká ní ETH yẹn nìkan ló ní, tí onílé rẹ̀ ní Kubwa sì ń pè é, tó wá yọ 300 dọ́là láti tà fún náírà. Liq. Price rẹ̀ kúrò ní 1,515, ó di 1,667, láìjẹ́ pé ọjà mira.

Ṣé Isolated ni ì bá lò, nígbà náà? Pẹ̀lú ìlọ́po 20, ETH ì bá kú ní 1,919, SOL ní nǹkan bí 144. Àpapọ̀ àdánù, 350 dọ́là. 650 ì bá ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìdá 5 lọjà fi wálẹ̀ tó sì padà sókè, oní-Isolated ti pàdánù 350, oní-Cross kò pàdánù kọ́bọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì. Èmi ò sì fẹ́ràn kí ẹni tó yan Isolated máa tẹ Add Margin ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá já. 200 míì á gbé e dé 1,818, òmíràn á tún tẹ̀ lé e, títí gbogbo àpò á fi wà lẹ́yìn òwò kan. Cross tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni.

Tèmi ni pé kí ẹni tó ń ra kọ́ìnì oríṣiríṣi tí wọ́n jọ ń gòkè tí wọ́n jọ ń sọ̀ lo Isolated, kó sì fi iye tó lè pàdánù ṣe májìn, kì í ṣe èyí tó kéré jù tí ẹ̀rọ bá gbà. Cross wúlò fún òwò kan ṣoṣo tó ní Stop Loss tó jìnnà sí Liq. Price, tàbí fún ẹni tó ra ọ̀kan tó sì ta èkejì ṣáájú, kí èrè ìhín lè gbé àdánù ọ̀hún. Èyí ìkẹyìn náà ní ibi tó kù sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí òwò tó lé ní bílíọ̀nù 19 dọ́là lọ, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ kan fi agbára ti òwò àwọn tó ń jèrè pa kí wọ́n lè bo gbèsè. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan lára òwò rẹ̀ bá bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan ló ṣẹ́ kù fún un nínú ìjì yẹn.

Àbúrò náà bi mí bóyá òun ì bá ti yí i sí Isolated lóru ọjọ́ yẹn. Lórí ọ̀pọ̀ ilé pàṣípààrọ̀, kò ṣeé ṣe bí òwò lórí kọ́ìnì yẹn bá ti wà ní ṣíṣí. Kí ẹ tó tẹ Buy ni kí ẹ ti wo òkè ibi tí ẹ ti ń kọ iye owó, nítorí Cross ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.