Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ rẹfirí ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tí kálukú wọn jẹ́ sí yín

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa pe rẹfirí, ìyẹn àwọn tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ kọ orúkọ wọn pé wọ́n lè sọ nípa òun. Tí ilé iṣẹ́ bá ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n á kó ìwé onítọ̀hún fún mi pẹ̀lú orúkọ àwọn rẹfirí ẹ̀, èmi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ̀ bóyá ohun tó kọ nípa ara ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo sì máa ń bá nínú ìwé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà ni orúkọ mẹ́ta, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ó parí. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá ẹ̀ ni àbí aládùúgbò ẹ̀, mi ò mọ ọdún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, mi ò wá mọ ohun tó yẹ kí n bi ẹni tó bá gbé fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó wá iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Ó ṣe dáadáa ní íńtáfíù, orúkọ ẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Àwọn rẹfirí tó kọ ni pásítọ̀ ẹ̀, àbúrò bàbá ẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ńlá ní iṣẹ́ ìjọba, àti ọ̀gá ẹ̀ níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Mo pe ọ̀gá àtijọ́ yẹn kọ́kọ́, mo dárúkọ obìnrin yìí fún un, ọkùnrin náà ní òun ò bá ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí láyé òun. Ẹ wò ó, tí mo bá kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, torí lójú ilé iṣẹ́ ó ti parọ́. Ìgbà tí mo pe obìnrin náà padà la tó mọ̀ pé ó ti lọ́kọ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, orúkọ bàbá ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́ nígbà yẹn, ọ̀gá yẹn fúnra ẹ̀ sì ti kúrò nílé iṣẹ́ náà. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Mo mọ ohun tó fà á táwọn èèyàn fi ń kọ orúkọ àbúrò bàbá tó jẹ́ ọ̀gá ńlá. Rẹfirí àti onídùúró ti dà pọ̀ mọ́ wọn lójú. Onídùúró ló ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, tó ń lẹ fọ́tò mọ́ ọn, tí wọ́n máa wá bá tí owó bá sọnù, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó rí jájẹ, tó ṣeé wá délé. Rẹfirí ò dúró fún gbèsè kankan ní tiẹ̀, ohun tó fojú ara ẹ̀ rí ló wá sọ. Ẹni tí ò bá tíì rí yín rí lẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kí ipò ẹ̀ ga tó, kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ ju pé ọmọ dáadáa lẹ jẹ́, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ míì tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ò fẹ́ ìbátan. Tí wọ́n bá dìídì béèrè ẹni tó máa sọ nípa ìwà yín, ìgbà yẹn ni pásítọ̀ tàbí ààfáà wúlò.

Nígbà tá a jọ jókòó tún ìwé yẹn kọ, a yọ pásítọ̀ àti àbúrò bàbá kúrò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ o, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Lábẹ́ orúkọ ọ̀gá àtijọ́: «Òun ni máníjà sítọ́ọ̀ tí mò ń jíṣẹ́ fún tààrà láti oṣù kẹta 2019 sí oṣù kẹjọ 2022. Ó ti kúrò nílé iṣẹ́ yẹn, orúkọ bàbá mi ló fi mọ̀ mí. Ó lè sọ nípa bí mo ṣe ń gba ọjà wọlé àti bí mo ṣe ń kà á.» Ó wá fi akáńtáńtì ibẹ̀ ṣe ìkejì: «Kì í ṣe ọ̀gá mi, òun ló máa ń fi ìwé sítọ́ọ̀ mi wé ti akáńtì ní ìparí oṣooṣù. Ó lè sọ bóyá iye tí mo kọ máa ń bá iye tó wà nílẹ̀ mu.» Ìkẹta ni olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, pẹ̀lú ọdún tó kọ́ ọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìyìn kankan níbẹ̀. «Ó mọ̀ mí dáadáa» ò sọ nǹkan kan fún mi. Àmọ́ tí mo bá rí i pé akáńtáńtì yìí ló ń fi ìwé wé ìwé, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà tó dín ni kí n bi í, mi ò ní máa bi í bóyá ọmọbìnrin yẹn máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, torí kò sí lára ohun tó lè mọ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. Ta ló jẹ́ sí yín, láti ìgbà wo sí ìgbà wo, kí ló lè sọ, ìyẹn náà ni, tí nǹkan bá wá ti yí padà, bí orúkọ tàbí ibi iṣẹ́, ẹ fi kún un.

Ọdún yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tẹ́ ẹ wọlé àti ìgbà tẹ́ ẹ kúrò, lẹ́yìn náà ipò tẹ́ ẹ wà, ìdí tẹ́ ẹ fi lọ, màá wá fi èyí tó le jù kádìí ẹ̀, ìyẹn ni pé ṣé ó máa gbà yín padà bí àyè bá wà. Tí ìwé yín bá ní 2019 tí ọ̀gá wá ní 2020, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ló gbàgbé, àbí ta ló ń rántí oṣù tí òṣìṣẹ́ wọlé lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé gbólóhùn tẹ́ ẹ kọ nípa ẹnì kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí onítọ̀hún náà lórí Wáàsáàpù kó tó dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá. Kó rí i, kó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí kó ṣàtúnṣe. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa gbàṣẹ láti lo nọ́ńbà ẹ̀, òun náà ò sì ní fojú fo ìpè mi nígbà tó bá rí nọ́ńbà tí kò mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́ta tó kọjá, ó kéré tán, ni wọ́n máa ń fẹ́ kí àwọn rẹfirí yín kárí, torí náà ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ wọn so kọ́ra, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé tí àlàfo bá wà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún ni ò sì ní sọ ju ọjọ́ àti ipò lọ, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ó ku ti ọ̀gá tẹ́ ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí kò bá tíì mọ̀ pé ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ kọ ipò ẹ̀ síbẹ̀, ẹ má kọ nọ́ńbà, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: «Òun ni ọ̀gá mi báyìí, kò tíì mọ̀. Màá fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fún mi ní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́.» Mi ò tíì rí ilé iṣẹ́ tó bínú sí i.