Bí a ṣe ń to èsì ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí sínú tábìlì àkójọ ẹ̀rí

Nígbà tí àwọn olùwádìí bá fẹ́ mọ ohun tí gbogbo ìwádìí tó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ kan sọ lápapọ̀, wọn kì í kàn ka àwọn àpilẹ̀kọ náà tán kí wọ́n wá kọ èyí tó bá wà lọ́kàn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní láti fa èsì yọ láti inú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tò ó sínú tábìlì kan, níbi tí nọ́ńbà tó wá láti ilé ìwòsàn kan ti lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó wá láti òmíràn. Títò yìí ni iṣẹ́ gan-an, nítorí pé orúkọ kan náà lè wà lórí nọ́ńbà méjì tí kò wọn ohun kan náà.

Ká mú un pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ní Kàbà àti Ìsánlú ń ṣe irú àyẹ̀wò létòlétò bẹ́ẹ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú àwọn aboyún tó ń wá gba ìtọ́jú oyún ní Ìpínlẹ̀ Kogí àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, mélòó ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó? Wọ́n ti wá àwọn àpilẹ̀kọ, wọ́n ti yọ èyí tí kò bá ìbéèrè náà mu kúrò, ó wá ku kí wọ́n fa èsì yọ. Àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé ni àwọn ìwádìí tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀ yìí àti iye tó wà nínú wọn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pinnu ni ohun tí ìlà kan nínú tábìlì náà dúró fún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ a máa fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wọlé, nítorí pé ìwádìí kan lè bí àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn olùwádìí kan náà lè gba ẹ̀jẹ̀ irínwó aboyún ní ilé ìwòsàn kan, kí wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àìtó ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì tẹ òmíràn jáde ní ọdún kejì lórí bí àwọn obìnrin náà ṣe ń lo oògùn afúnni-lẹ́jẹ̀. Bí ìwọ̀n àìtó ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú àpilẹ̀kọ méjèèjì, ẹni tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ ti ka irínwó ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé a ó wo ilé ìwòsàn, oṣù tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, iye àwọn obìnrin náà, àti àwọn orúkọ tó wà lórí àpilẹ̀kọ. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bára mu, ìwádìí kan ṣoṣo ni. Nítorí náà, ìwádìí ni a ń fún ní àmì ìdánimọ̀, irú bíi A1 tàbí A2, gbogbo àpilẹ̀kọ tó bá ti ara rẹ̀ jáde a sì máa wà lábẹ́ àmì yẹn.

Ìpinnu kejì ni pé tábìlì méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Ti àkọ́kọ́ ni a ó kọ ohun tí kì í yí padà nípa ìwádìí kọ̀ọ̀kan sí: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọdún tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, irú ilé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe yan àwọn obìnrin náà. Ti èkejì wà fún èsì nìkan, èsì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀, kódà bí mẹ́ta bá ti inú ìwádìí kan ṣoṣo wá. Ẹni tó bá fẹ́ ki gbogbo rẹ̀ sínú ìlà kan yóò máa fi òpó kún òpó títí tábìlì náà kò fi ní ṣeé kà mọ́.

Òpó ibi ìwádìí nílò ìṣọ́ra díẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí agbègbè wa. Ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwárà ni Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ wà, nítorí náà àpilẹ̀kọ àtijọ́ tó sọ̀rọ̀ nípa ìlú kan ní Yàgbà lè pè é ní Kwárà, kò sì parọ́. Ní ìdà kejì, àpilẹ̀kọ tuntun tó kọ “Kogí” sí àkọlé lè jẹ́ pé Lọ́kọ́ja tàbí Anyigba nìkan ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, láìsí ẹyọ obìnrin kan láti Ìjùmú tàbí Bùnú. Orúkọ ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni òpó èsì. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń ṣe nílé ìwòsàn wa ni èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ní `PCV`, tó ń sọ iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pẹ́ tó ti ń sọ pé aboyún tí himoglóbíìnì rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó gíráàmù 11 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan kò ní ẹ̀jẹ̀ tó, èyí sì bá `PCV` 33 dọ́gba. Ní 2024, àjọ náà sọ ọ́ di 10.5 fún oṣù mẹ́ta àárín oyún. Àmọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ní Nàìjíríà ti pẹ́ lórí ààlà `PCV` 30, tí wọ́n kà sí èyí tó bá àwọn aboyún ibí mu. Nípa bẹ́ẹ̀, bí àpilẹ̀kọ méjì bá sọ pé “ẹ̀jẹ̀ kò tó”, ó lè dà bí ẹni tó fi kóńgò ọjà méjì tí kò dọ́gba wọn gàrí, tó wá ń jiyàn pé ti ibì kan pọ̀ jù.

Ìwádìí A1 sọ pé nínú irínwó obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún kò tó. Ìwádìí A2 sọ pé nínú 250, ìdá 28 ni. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ láìwo ohun mìíràn yóò sọ pé ìyà ń jẹ àwọn aboyún ibi àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ibi kejì. Ṣùgbọ́n 33 ni ààlà A1, 30 sì ni ti A2. Bí a bá wo tábìlì tó wà nínú àpilẹ̀kọ A1, a ó rí i pé wọ́n pín àwọn obìnrin náà: 120 ní `PCV` 30 sí 32, 90 ní 21 sí 29, àwọn 6 sì wà nísàlẹ̀ 21. Àpapọ̀ wọn ni 216, èyí tó jẹ́ ìdá 54. Bí a bá lo ààlà 30, àwọn 90 àti 6 nìkan ló kù, ìyẹn 96, tó jẹ́ ìdá 24. Lójijì, A1 ni ó kéré ju A2 lọ. Àwọn obìnrin náà kò yí padà, ààlà ni ó yí.

Ìdí nìyí tí ààlà fi gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀, tí a kò sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan sínú tábìlì. Iye ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó àti iye tí wọ́n yẹ̀ wò ni kí a kọ, a ó ṣe ìṣirò fúnra wa. Ìwádìí A3 fi ìdí mìíràn hàn. Ó ní òun gba 350 obìnrin, ó ní ìdá 41 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ó sì fi 132 sínú tábìlì rẹ̀. Bí a bá fi 350 pín 132, ìdá 37.7 ni yóò jáde, kì í ṣe 41. Ẹni tó bá kà á dáadáa yóò rí i nínú àlàyé ìlànà pé obìnrin 28 kò ní èsì ẹ̀jẹ̀, ó ku 322, 132 nínú 322 sì ni 41. Iye tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ wà nínú òpó kan náà láé. Báyìí ni tábìlì èsì náà yóò ṣe rí:

```
iwadii,aala,aito,ayewo,oju_iwe
A1,33,216,400,5
A1,30,96,400,5
A2,30,70,250,3
A3,33,132,322,4
```

Òpó tó gbẹ̀yìn ni ojú ìwé tí a ti rí nọ́ńbà náà. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ padà yẹ ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà wò yóò dúpẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Ó tún yẹ kí a fi àmì sí ìlà kejì, nítorí pé a ṣírò 96 fúnra wa ni, kò sí i lọ́rọ̀ ẹnu àwọn tó kọ A1. Ohun tí àpilẹ̀kọ sọ àti ohun tí a ṣírò gbọ́dọ̀ ṣeé yà sọ́tọ̀.

Bí nǹkan kò bá sí nínú àpilẹ̀kọ, “a kò sọ” ni kí a kọ, kì í ṣe òdo, a kò sì gbọdọ̀ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Òdo túmọ̀ sí pé wọ́n wò, wọn kò sì rí ẹnì kankan. Àyè òfìfo lè túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kọ ọ́ gbàgbé. Ẹ̀rọ pàápàá lè dá àṣìṣe sílẹ̀: bí a bá tẹ `4-6` sínú Excel láti fi sọ oṣù oyún, ó lè sọ ọ́ di ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin tàbí ìkẹfà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a yí òpó náà sí `Text` kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ẹni méjì ló yẹ kó fa èsì yọ, tí ọ̀kan kò sì ní wo ti èkejì. Wọn yóò kọ́kọ́ fi àpilẹ̀kọ bíi mẹ́ta dán tábìlì wò, wọn yóò tún ìlànà òpó kọ̀ọ̀kan kọ níbi tó bá ti ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ṣe ìyókù. Níbi tí wọn kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, inú àpilẹ̀kọ ni wọn yóò padà sí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì yanjú, ẹni kẹta ni yóò dá a. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kọ 350 fún A3 kí èkejì sì kọ 322, ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sì jẹ́ kí wọ́n ṣàwárí àwọn obìnrin 28 náà. Bí ẹni méjì bá jọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, tí ọ̀kan ń kà tí èkejì ń tẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe.

Ìgbà tí gbogbo èsì bá ti wọlé ni a tó ń ronú nípa bí a ó ṣe tò wọ́n fún ẹni tí yóò kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ àyẹ̀wò ń tò ó ní a-b-d orúkọ àwọn olùkọ̀wé, èyí tí kò ran òǹkàwé lọ́wọ́ rárá. Fún ìbéèrè yìí, ààlà ni kí a kọ́kọ́ fi pín wọn, kí gbogbo ti 33 dúró pọ̀, kí ti 30 náà dúró pọ̀, kí a sì wá fi ìlú tò wọ́n nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. A1 yóò yọjú nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó kà á nínú àròpọ̀ kọ̀ọ̀kan. A3 kò pín èsì rẹ̀ bí A1 ti ṣe, nítorí náà kò lè wọ ọ̀wọ́ 30, àfi bí àwọn tó kọ ọ́ bá fèsì sí lẹ́tà tí a bá fi bi wọ́n léèrè. Ìwádìí tó sọ ìpíndọ́gba `PCV` gbogbo àwọn obìnrin rẹ̀ nìkan, láìsọ iye àwọn tó wà lábẹ́ ààlà, kò ní wọ ọ̀wọ́ kankan. Ọ̀tọ̀ ni kí a to irú wọn sí nísàlẹ̀ tábìlì, kí a sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.