Éà-fúráyà tó ń yọ èéfín lè má bàjẹ́ rárá

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí éà-fúráyà bá ń jó apá kan oúnjẹ tí apá kejì sì funfun, tàbí tí èéfín bá ń tinú rẹ̀ jáde, a jẹ́ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, tàbí pé kọ́ìlì tó ń mú un gbóná ti ń kú lọ. Ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé iná sókè, wọ́n á fi kún ìṣẹ́jú, wọ́n á tún fín òróró sí i. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló máa ń bà á jẹ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbọ̀n ló kún jù, ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́ìlì wà lókè nínú ẹ̀rọ náà, fáànù sì wà lórí kọ́ìlì. Iṣẹ́ fáànù ni láti máa gbá afẹ́fẹ́ gbígbóná kiri: ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba àárín oúnjẹ àti ihò abẹ́ agbọ̀n kọjá, ó tún ń gòkè padà. Afẹ́fẹ́ tó ń yí po yìí ló ń mú ẹran pọ́n. Òróró díẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ara ẹran bá ṣì tutù, kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju 100 dígírì lọ, nítorí pé ìgbóná tó ń wọlé ń bá omi náà lọ bó ṣe ń gbẹ. Pípọ́n tí a ń wá, àti òórùn dídùn ẹran díndín, kì í sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí ara ẹran yóò fi sún mọ́ nǹkan bí i 140 dígírì. Fáànù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé oru omi yẹn kúrò lára ẹran. Tí ẹran bá wà lórí ẹran, kò sí ọ̀nà tí oru náà máa gbà jáde. Ńṣe ni ẹran ìsàlẹ̀ á máa hó nínú oru ara rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí nílé àbúrò mi obìnrin. Ó bọ itan adìẹ mẹ́jọ pẹ̀lú àlùbọ́sà, táìmù àti kọ́rì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ó kó wọn láti inú ìkòkò tààrà sínú éà-fúráyà kékeré, omi ẹran ṣì ń kán lára wọn. Mẹ́rin wà nísàlẹ̀, mẹ́rin wà lórí wọn. Ó sún un sí 200 dígírì fún ìṣẹ́jú 25. Nígbà tó fà á jáde, etí àwọn tòkè ti dúdú, àwọn ìsàlẹ̀ funfun, wọ́n sì rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n wà nínú ìkòkò. Ó ní kọ́ìlì ti lọ. Ó fín òróró sí i, ó dá a padà fún ìṣẹ́jú 15. Kò pẹ́ tí èéfín fi gba ilé ìdáná kan.

Kọ́ìlì rẹ̀ kò lọ rárá, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Itan tó wà lókè ti sún mọ́ kọ́ìlì jù nítorí pé wọ́n gbé e gorí èkejì rẹ̀, ó sì tún dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ìgbóná kó jọ sókè. Ohun tó ń wọn ìgbóná sábà máa ń wà nítòsí kọ́ìlì lókè níbẹ̀. Tó bá ti rí i pé òkè gbóná tó, á ní kí kọ́ìlì sinmi, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan gbà. Bí èèyàn bá wá gbé iná sókè, òkè ló ń gbé e fún.

Èéfín náà ti wá ńkọ́? Ọ̀rá awọ adìẹ àti òróró tó fín ń kán sínú abọ́ tó wà lábẹ́ agbọ̀n. Bó ṣe ń pẹ́ sí i nínú 200 dígírì ni ọ̀rá náà ń gbóná tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Èyí tó ń ta látorí ẹran òkè ń bà lé kọ́ìlì gan-an, níbi tí ìgbóná ti ju èyí tí a kà lójú ẹ̀rọ lọ dáadáa. Fáànù sì ń gbá ọ̀rá wínníwínní káàkiri, ó ń lẹ̀ mọ́ ara fáànù fúnra rẹ̀ àti irin tó bò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń burú sí i nìyí. Ọ̀rá tó gbẹ mọ́ apá fáànù kì í jẹ́ kó gbá afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ dín kù, oúnjẹ kò pọ́n, onílé tún fi kún iná, ọ̀rá tún ta sókè. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá àtijọ́ ló ń jó nínú tiyín, ẹ gé iṣu díẹ̀ nípọn, ẹ tò ó sínú agbọ̀n tó mọ́ láìfi òróró sí i, kó má fara kan ara, ẹ sì tàn án sí 180. Iṣu kò ní ọ̀rá. Tí èéfín bá ṣì yọ, òkè ló ti ń wá. Tí iṣu náà bá sì pọ́n ní nǹkan bí ọgbọọgba, a jẹ́ pé kọ́ìlì àti fáànù ṣì dára. Kí ẹ má sì ka oru omi sí èéfín: oru máa ń pòórá lójú ẹsẹ̀, kì í ta ojú.

Láti fọ òkè náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ yọ agbọ̀n, ẹ wá yí ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ fún dáadáa látinú omi ọṣẹ gbígbóná nu kọ́ìlì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ irin tó bo fáànù. Ẹ má da omi sí i o, ẹ má sì fi irin ìfọkòkò ha kọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tàn án.

Ní ti adìẹ àbúrò mi, a kó o sínú asẹ́ kí omi rẹ̀ ro, a fi aṣọ nù ún, a tò mẹ́rin sílẹ̀ kí àyè wà láàárín wọn. Ó wà ní 180 fún ìṣẹ́jú 20, a yí i padà ní ìdajì. Ó pọ́n yíká. A da ọ̀rá inú abọ́ nù kí mẹ́rin yòókù tó wọlé. Bó bá jẹ́ ẹran tí a kò bọ̀, tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ṣíbí omi méjì nínú abọ́ abẹ́ agbọ̀n kì í jẹ́ kí ọ̀rá náà tètè rú. Abẹ́ agbọ̀n ni mo wí, kì í ṣe inú rẹ̀. Bébà tí wọ́n ń tẹ́ sínú agbọ̀n pẹ̀lú máa ń dí ihò, ìdí nìyẹn tí abẹ́ oúnjẹ orí rẹ̀ fi sábà máa ń funfun.

Nígbà míì, àléébù wà lóòótọ́. Èéfín dúdú tàbí òórùn wáyà tó ń jó lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Tí oúnjẹ bá sì funfun yíká, tí òkè kò jó, tí agbọ̀n kò sì kún, ẹ wo iná NẸ́PÀ. Tí fóltéèjì bá já sí 180 dípò 230, ẹ̀rọ oníwáàtì 1500 kò ní ju nǹkan bí 920 lọ. Ìṣẹ́jú 20 kò lè tó o, bó ti wù kí ó mọ́ tó.