Wọ́n dá tíísìs dókítà padà: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wa kan gbé tíísìs ẹ̀ lọ fún pọ́bílíṣà pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, wọ́n dá a padà. Yunifásítì ti fún un ní píéṣídì lórí ẹ̀, kí ló wá dé tí pọ́bílíṣà ní kì í ṣe ìwé?

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa yìí ti di àríyànjiyàn káàkiri Àkúrẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé owó ẹ̀yìn ni pọ́bílíṣà ń wá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Èèyàn bíi márùn-ún péré ló wà lọ́kàn ẹni tó ń kọ tíísìs: súpáfáísọ̀ ẹ̀, àwọn olùkọ́ díẹ̀ ní dípátímẹ́ǹtì, àti ẹsítánà tó máa wá láti yunifásítì míì. Iṣẹ́ àwọn yẹn ni láti kà á tán, bó dùn bí ò dùn. Ẹni tó fowó ara ẹ̀ ra ìwé ní Ọjà Ọba ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kíkà, tó bá ti sú u ní ojú ewé kẹta, àkàrà ló máa fi wé.

Ṣé kó kàn yọ àwọn gírámà ńláńlá yẹn kúrò ni?

Gírámà ló kéré jù níbẹ̀, ètò ọ̀rọ̀ ni wàhálà.

Kí ni wọ́n ń yọ gan-an, kí ni wọ́n ń fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ tíísìs lórí àwọn àgbẹ̀ kókó Ìdànrè. Àkọlé ẹ̀ gba ìlà mẹ́rin, "Àgbéyẹ̀wò àwọn ohun tó ń pinnu" ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó fi máa dé "Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà" èémí ti tán lára èèyàn. Ṣápítà márùn-ún bí àṣà: ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn tó ṣáájú ti kọ, bó ṣe ṣe ìwádìí, ohun tó rí, àkótán pẹ̀lú àbá.

Ṣápítà kejì nìkan sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ojú ewé, lágbájá sọ báyìí, tàmẹ̀dù ta kò ó. Ẹ̀rí nìyẹn fún ẹsítánà pé akẹ́kọ̀ọ́ kàwé. Òǹkàwé ò bi yín, ó ti gbà pé ẹ kàwé kẹ́ ẹ tó máa pera yín ní dókítà. Torí náà a gé e, àwọn méjì mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn ṣì wúlò la mú lọ síbi tó ti wúlò. Ṣápítà kẹta di ojú ewé méjì lẹ́yìn ìwé.

Èyí tó le ni wíwá ìbéèrè tí ìwé máa dá lé. Ìbéèrè ìwádìí mẹ́fà ló wà nínú tíísìs, ìwé kan ò lè ru mẹ́fà. Mo ní kó sọ ohun tó rí ní Ìdànrè fún mi bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ nídìí ààrò. Ó ní, "Àwọn àgbẹ̀ yẹn mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ò fín in." Mo ní ó tó, dúró síbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fín in?

Ìdáhùn ti wà nínú ṣápítà kẹrin látọjọ́ yìí, lábẹ́ táábù kan tí ẹnikẹ́ni ò ní dúró wò. Àrùn tó máa ń sọ kókó di dúdú lórí igi, òjò ló ń gbé e jà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kí wọ́n máa fín oògùn kọ́pà sí i nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ìkórè ńlá ò tíì dé, ó di bí oṣù kẹwàá, ìyẹn ni pé ìgbà tí wọ́n nílò owó oògùn gan-an ni ọwọ́ gbẹ jù, wọ́n á wá lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kókó, onítọ̀hún á sì ti dá iye tó máa rà á sílẹ̀. Baba kan sọ fún un pé, "Tí mo bá yáwó fín in, kókó ẹni tó yá mi lówó ni mo ń fín." Gbólóhùn yẹn wà ní ojú ewé 214 nínú tíísìs, kò sí ẹni tó máa dé ibẹ̀. A gbé e wá sí ojú ewé kìíní.

Bó ṣe débẹ̀, ètò ìwé tò fúnra ẹ̀. A pa ṣápítà márùn-ún yunifásítì tì, a tẹ̀ lé ọdún kókó. Orí kìíní, òwúrọ̀ kan lóṣù keje, baba yẹn nínú oko pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ń gé àwọn tó ti dúdú dànù, ó sì ń kà wọ́n. Orí kejì, oògùn. Ìkẹta, gbèsè. Ìkẹrin, ìkórè, níbi tí baba ti dúró ti òṣùwọ̀n tó ń wo ọwọ́ ẹni tó ń wọn kókó ẹ̀.

Àmì kan tí mo fi ń mọ̀ pé tíísìs ṣì wà lára ìwé: tí ìpínrọ̀ bá ń kéde ohun tó fẹ́ sọ, "nínú orí yìí, a ó gbé e yẹ̀ wò pé", kó tó wá sọ ọ́. Ẹ pa ìpínrọ̀ yẹn rẹ́, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan sọnù.

Àwọn táábù ńkọ́?

Ká ní táábù sọ pé nínú àgbẹ̀ 120, 80 ló yáwó. Tíísìs á kọ ọ́ pé "ìdá 66.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdáhùn". Ìwé á sọ pé, "Nínú àgbẹ̀ mẹ́ta tí mo bá sọ̀rọ̀, méjì ló ti yáwó." Ó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n "tí mo bá sọ̀rọ̀" yẹn, ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ yọ ọ́. Abúlé mẹ́ta lẹ lọ, tó bá di "méjì nínú mẹ́ta àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó" torí kó lè dùn létí, irọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹsítánà ò sí níbẹ̀ mọ́ láti fà yín létí, ọjọ́ lọ́ńṣìn ni ẹnì kan máa dìde bi yín.

Àwọn fúútínóòtì, ṣé kí n yọ gbogbo ẹ̀?

Rárá, ẹ kó wọn sẹ́yìn ìwé.

Ṣé yunifásítì ò ní sọ pé àwọn ló nìwé?

Lábẹ́ òfin kọpiráìtì Nàìjíríà, ẹni tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ ni ín, àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí nǹkan míì. Ibi tẹ́ ẹ máa wò nìyẹn: ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ wọlé, àti ti ẹni tó fún yín lówó ìwádìí tó bá wà. Tí tíísìs bá ti wà lórí ìkànnì yunifásítì, ẹ sọ fún pọ́bílíṣà látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ṣé wọ́n lè bínú?

Wọ́n lè bínú gan-an, ibí yìí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú tíísìs, "Olùdáhùn Kẹrìnlá" ni baba yẹn, inú láíbìrì ló wà, ta ló ń wá a lọ síbẹ̀? Ìwé máa dé Ìdànrè. Ẹ lè má dárúkọ ẹ̀ o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń dùn ún, igi máńgòrò wà níwájú ilé ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ń wa ọ̀kadà, lọ́jọ́ kan náà ni ẹni tó ń ra kókó lọ́wọ́ ẹ̀ máa mọ̀ ọ́n, ọdún tó ń bọ̀ kò sì ní yá a lówó mọ́. Ìgbà tó gbà láti dáhùn, ìwé ilé ẹ̀kọ́ lẹ sọ fún un pé ó máa wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi padà lọ, ó ka ojú ewé mọ́kànlá sí baba létí. Baba ní kó yọ máńgòrò, kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ ń dun gbogbo àgbẹ̀.

Nọ́ńbà ISBN tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, ibo ni wọ́n ti ń gbà á?

Lọ́dọ̀ Náṣọ́nà Láíbìrì. Tí ìwé bá ti jáde, òfin ní kí pọ́bílíṣà fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ̀yin ni pọ́bílíṣà.

Àwọn kan tó pera wọn ní pọ́bílíṣà kọ ímeèlì sí mi pé tíísìs mi dára gan-an, wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ẹ rọra. Orí ìkànnì yunifásítì ni wọ́n ti máa ń ṣa orúkọ, àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ kì í ka iṣẹ́ yín rárá, bó ṣe wà ni wọ́n máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní iye owó tí ẹ̀yin gan-an ò ní lè rà á. Ẹ̀tọ́ yín á ti wà lọ́wọ́ wọn, tí pọ́bílíṣà gidi bá wá dé, á ní ó ti jáde. Ẹ dá ímeèlì yẹn lóhùn, ẹ bi wọ́n pé ṣápítà wo ni wọ́n rò pé kẹ́ ẹ gé. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má gé nǹkan kan, ẹ má fọwọ́ sí i.