Ọjà ń tà, ilé iṣẹ́ ń rì: ibi tí máàkì Altman ti ń tan ni

Òṣìṣẹ́ báńkì tó bá ti ń yá àwọn oníṣòwò lówó ní Ìlọrin fún ìgbà díẹ̀ á ti mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó wá yáwó: "Ọjà wa ń tà dáadáa." Irọ́ kọ́ lonítọ̀hún ń pa. Ohun tó ń bíni nínú ni pé ìṣirò tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kógbá wọlé náà máa ń gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìṣirò náà ni ti Edward Altman. Ọdún 1968 ló gbé e jáde, lẹ́yìn tó yẹ àkáǹtì ilé iṣẹ́ 66 ní Amẹ́ríkà wò, tí ìdajì wọn ti wó, tí ìdajì ṣì dúró. Ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn ń béèrè iye tí wọ́n ń ra ìpín ilé iṣẹ́ náà lójú ọjà, nítorí náà kò wúlò fún iṣẹ́ àdáni. Ó wá ṣe èyí fún wọn nígbà tó yá:

```
Z' = 0.717X1 + 0.847X2 + 3.107X3 + 0.420X4 + 0.998X5
```

X1 ni ohun tó lè di owó láàárín ọdún kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè tí wọ́n máa san láàárín ọdún náà. X2 ni èrè tí wọ́n ti kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. X3 ni èrè ọdún yìí kí èlé àti owó orí tó mú tiwọn. X5 ni iye ọjà tí wọ́n tà. Gbogbo dúkìá la fi ń pín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti X4 nìkan ló yàtọ̀: ohun tó kù fún onílé iṣẹ́, tí a fi gbogbo gbèsè pín. Bí máàkì bá ju 2.9 lọ, ọkàn balẹ̀. Bí kò bá tó 1.23, ewu ti dé. Èyí tó bá wà láàárín, ojú kò tíì là sí i.

Ká ní ilé ìlọ ìrẹsì kan wà ní Ọ̀fà, tó ń ra ìrẹsì tí wọn kò tíì bó ní Pàtígì. Dúkìá rẹ̀ jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù, gbèsè rẹ̀ ₦60 mílíọ̀nù, ìdajì gbèsè náà sì gbọ́dọ̀ di sísan lọ́dún yìí. Ohun tó lè tètè di owó jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù. Èrè tó ti kó jọ jẹ́ ₦8 mílíọ̀nù, èrè ọdún yìí ₦12 mílíọ̀nù, ọjà tó tà sì jẹ́ ₦150 mílíọ̀nù. Máàkì rẹ̀ á jẹ́ 2.29. Kò burú, àmọ́ ẹ wò ó: nínú 2.29 yẹn, X5 nìkan ló mú nǹkan bí 1.50 wá.

Òṣìṣẹ́ báńkì wá ní kí wọ́n gbé ìwé àwìn wá. Àwọn oníbàárà jẹ ilé iṣẹ́ náà ní ₦25 mílíọ̀nù, ₦20 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù ti kó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ìpàta. Gbèsè tó ti kú nìyẹn. Bí a bá yọ ọ́, dúkìá á di ₦80 mílíọ̀nù, èrè ọdún yìí á di àdánù ₦8 mílíọ̀nù, èrè àtẹ̀yìnwá á di àdánù ₦12 mílíọ̀nù, ohun tó lè tètè di owó kò sì ní ká gbèsè ọdún yìí mọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí á ní máàkì náà ti já bọ́ sísàlẹ̀ 1.23. Rárá o. 1.48 ló jẹ́.

Ohun tó fà á ni pé X5 lọ sókè, láti 1.5 sí 1.875. Ọjà tí wọ́n tà kò yí padà, dúkìá tí a fi ń pín in ló kéré sí i. Ó dà bíi bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìlọrin sí Ọ̀fà. Ìjókòó mẹ́rin fọ́, awakọ̀ yọ wọ́n dànù, ó wá ń yangàn pé ọkọ̀ òun ń kún ju ti àná lọ. Ó ń kún lóòótọ́! Bó bá tún yọ mẹ́rin mìíràn, àwọn èrò á dúró lórí ara wọn, á tún yangàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò rí ibòmíì nínú ìṣirò yìí tí àdánù ti ń di ẹ̀bùn báyìí.

Ó jọ pé Altman mọ̀ pé X5 kì í ṣe ẹni tí a lè fọkàn tán níbi gbogbo, torí pé iye ọjà tí alágbàtà ń tà lórí dúkìá kékeré kò jọ ti ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ. Nínú ìṣirò tó ṣe fún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó yọ ọ́ kúrò pátápátá:

```
Z'' = 6.56X1 + 3.26X2 + 6.72X3 + 1.05X4
```

Tibí, 2.6 sókè ló dára, ìsàlẹ̀ 1.1 ló léwu. Kí a tó yọ gbèsè tó kú, ilé ìlọ ìrẹsì wa gba 2.42. Lẹ́yìn tí a yọ ọ́, ó já sí −1.63. Àkáǹtì kan náà ni o, ọ̀kan ní kò tíì yé òun, èkejì ń pariwo. Lóòótọ́, ilé ìlọ ìrẹsì jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, Z' la ṣe fún irú rẹ̀. Síbẹ̀, ní tèmi, níbi tí àwìn bá ti pọ̀, méjèèjì ló yẹ ká ṣe, ká sì béèrè ohun tó ya wọ́n bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan.

Kódà ó dára ká ti mọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ìṣirò. Ìwé tí báńkì fi ń ka owó tó wọlé ṣì wà níbẹ̀. Bí àkáǹtì bá sọ pé ọjà ₦150 mílíọ̀nù ni wọ́n tà, tí owó tó wọ báńkì lọ́dún kan náà kò sì ju ₦125 mílíọ̀nù lọ, ìwé àwìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.