Owó tó ṣẹ́ kù ló ń da ìwọ̀n èrè rú

Nígbà tí iṣẹ́ tó lérè bá pọ̀ ju owó tí ilé iṣẹ́ lè ná lọ́dún, àwọn oníṣirò a máa fi ìwọ̀n èrè tò wọ́n. Wọ́n á ṣírò ohun tí owó tí iṣẹ́ kan máa mú wọlé lọ́jọ́ iwájú tó lónìí, wọ́n á wá fi owó tí wọ́n máa kọ́kọ́ ná lé e lórí pín in. Bí èsì bá ju 1 lọ, èrè wà níbẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ohun tí náírà kọ̀ọ̀kan bí ló ń wò, náírà gan-an ló sì ṣọ̀wọ́n.

Àṣìṣe wà nínú ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ̀ lé e: wọ́n á mú èyí tó ga jù, wọ́n á mú èyí tó tẹ̀ lé e, títí owó á fi tán. Ká wo ilé búrẹ́dì kan tó ní mílíọ̀nù 10 náírà. Ààrò tuntun máa gba mílíọ̀nù 6, ohun tó máa mú wá tó mílíọ̀nù 8.4 lónìí: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.4. Ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì gba mílíọ̀nù 5, ó mú 6.75 wá: 1.35. Jẹnẹrétọ̀ náà gba mílíọ̀nù 5, ó mú 6.5 wá: 1.3. Ká gbà pé kò sí èyí tó gbára lé èkejì.

Ìwọ̀n ní kí wọ́n ra ààrò. Wọ́n rà á, èrè mílíọ̀nù 2.4, ó ku mílíọ̀nù 4. Mílíọ̀nù 4 ò ra ọkọ̀, kò ra jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ààrò sílẹ̀, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ máa gba mílíọ̀nù 10 gééré, èrè wọn lápapọ̀ á sì jẹ́ mílíọ̀nù 3.25. Àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ ló lé ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀.

Gààrí ni ìwọ̀n èrè ka iṣẹ́ sí, ohun tó ṣeé bù kún àpò títí dé ẹnu. Bí ọkọ̀ bá ṣeé rà ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ààrò àti ìdá yẹn máa mú mílíọ̀nù 3.8 wá, kò sì sí àkójọ tó lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́: odindi ló ń wọ àpò, àlàfo ló sì máa ń wà láàárín wọn. Owó inú àlàfo yẹn kò bí nǹkan kan, ìwọ̀n èrè kò sì kà á.

Àmì tó ń fi èyí hàn ni kí owó tó ṣẹ́ kù pọ̀, síbẹ̀ kó má tó iṣẹ́ tó kàn. Níbẹ̀, àkójọ ló yẹ kí wọ́n fi wéra, kí wọ́n mú èyí tí àpapọ̀ èrè rẹ̀ pọ̀ jù láàárín àwọn tí owó ká. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́ta, bébà kékeré tó o. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, àkójọ tó ṣeé ṣe ti lé ní mílíọ̀nù kan, kọ̀ǹpútà ló máa tò ó. Bí gbèdéke bá sì wà lórí owó ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo kò lè tò wọ́n mọ́, torí iṣẹ́ tó ń fi owó ọdún yìí pamọ́ lè jẹ́ òun gan-an ló máa jẹ ti ọdún tó ń bọ̀ run.