Mérúwà Inú Ẹsẹ̀, àti Aago Tó Yẹ Ká Ra Bàtà

Tí bàtà tó gba ẹsẹ̀ dáadáa láàárọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, "Mo rìn jù lónìí." Ẹ̀sùn èké ni wọ́n fi kan ìrìn. Ẹ wo máígádì tó dúró lẹ́nu géètì ní Garki láti àárọ̀, kí ẹ sì wo ọmọ oníbárò tó ń ti ẹrù kiri ọjà Wuse. Oníbárò ló rìn, àmọ́ ẹsẹ̀ máígádì ló sábà máa ń wú jù nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Dídúró gbọin sójú kan àti jíjókòó pẹ́ ló ń mú ẹsẹ̀ wú.

Ẹni tó bá gbé ilé tí amù wà rí á mọ̀ pé amù máa ń làágùn. Kò fọ́, kò sì ya, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tutù, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ á sì máa rin. Bí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù nínú ara ṣe rí nìyẹn. Ògiri wọn tín-ín-rín débi pé omi àti iyọ̀ ń gba ara rẹ̀ yọ jáde, ṣùgbọ́n àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ tóbi ju ojú ihò náà lọ, inú ni wọ́n ń kù sí. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mú ẹsẹ̀ wú nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn wá sílẹ̀. Omi tí ẹ̀jẹ̀ làágùn ni, tó dúró sáàárín ẹran àti awọ.

Ìwúwo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti omi náà jáde. Nínú ilé alájà mẹ́ta tí tánkì wà lórí òrùlé rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ ti ìsàlẹ̀ ló ń tú yàà, tòkè pátápátá ń kán tó-tó-tó. Ọkàn àgbàlagbà tó dúró fi mítà kan ó lé ga ju kókósẹ̀ rẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín wọn ló sì ń wọ́lẹ̀. Tí kò bá mira, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ ògiri iṣan tó ń gbé e padà láti kókósẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi 90, lórí ìwọ̀n kan náà tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá dùbúlẹ̀, ó lè já wá sí bíi 10.

Báwo wá ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gòkè padà? Mérúwà ló ń gbé e. Ẹran líle tó wà lẹ́yìn ojúgun ni mérúwà yìí. Nígbàkígbà tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀, ẹran náà á sún kì, á sì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni fún aṣọ tútù. Inú iṣan ọ̀hún ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó jẹ́ pé òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí, tí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá kò fi lè padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan, 90 yẹn á ti wálẹ̀ sí 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí a fi kún un; ìrìn tí èèyàn fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀ náà ló ń fa omi, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí jálá kan. Àfi pé, bíi mérúwà Àbújá gẹ́lẹ́, ọjọ́ tó bá jókòó sábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó máa rí omi. Ẹni tó bá dúró, láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún ti kún, amù á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹni tó jókòó ti tábìlì ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ ti fún mérúwà rẹ̀ ní ìsinmi láìmọ̀.

Ooru tún máa ń dá kún un. Nínú oṣù kẹta, tí oòrùn Àbújá ń jó bí iná, ara máa ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ etí awọ sílẹ̀ kí ooru lè bá ibẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ amù á wá pọ̀ sí i. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: ẹsẹ̀ máa ń fún mọ́ra. Bàtà tí a fi òtútù oṣù kìíní rà lè máa geni jẹ nígbà tí ooru bá dé, bẹ́ẹ̀ bàtà náà kò yí padà.

Lálẹ́, tí èèyàn bá dùbúlẹ̀, omi náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kíndìnrín á sì sẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tí kò mu omi kó tó sùn, tó sì ń jí tọ̀ ní aago méjì òru, omi kókósẹ̀ rẹ̀ ló lè máa tọ̀. Ẹsẹ̀ tí kò bá fọn padà títí ilẹ̀ fi mọ́, tàbí tí ẹyọ kan ṣoṣo lára rẹ̀ ṣàdédé wú tó sì ń dunni, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọjà bàtà.

Ní ti bàtà, ohun tí àwọn olùrajà kì í sábà kíyè sí ni pé ẹ̀gbẹ́ àti òkè ẹsẹ̀ ni omi máa ń gbà wú jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹsẹ̀ wọn ò ju ara wọn lọ. Ẹni àkọ́kọ́ lọ sí Wuse ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Nọ́ńbà 42 aláìlókùn bá a mu rẹ́gí, ó sanwó. Ní Mọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán, ojú ìbọ̀sẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti bọ́ gìgísẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì. Ẹnì kejì gun bọ́ọ̀sì òru láti Ìbàdàn, ó jókòó gbogbo òru pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, ó sì gba Utako kọjá sí ọjà tààrà. 42 fún un, ó bá gba 43. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì kò ju mílímítà 7 lọ ní gígùn, àmọ́ ní ọjọ́ kẹta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn padà, gìgísẹ̀ ń yọ̀ sókè sódò nínú bàtà, ó sì bó. Ẹni tó ra tirẹ̀ láàárọ̀ ṣì, ẹni tó ra tirẹ̀ lẹ́yìn ìrìnàjò náà ṣì.

Àkókò tó dáa ni ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èèyàn ṣe wàhálà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà, pẹ̀lú irú ìbọ̀sẹ̀ tó máa fi wọ bàtà náà. Tó bá fún lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà tó fẹ̀ jù ú lọ ló yẹ ká béèrè, kì í ṣe èyí tó gùn jù ú lọ. Olókùn sì sàn ju aláìlókùn lọ, nítorí a lè tú okùn díẹ̀ tí ọ̀sán bá pọ́n. Oníbàtà á ní awọ náà á fẹ̀ sí i. Awọ gidi lè fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í gùn sí i, rọ́bà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí a wọ̀, torí ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ, èyí tó tóbi ni a ó fi rà. Kí a má ṣe jókòó dán an wò, torí ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ nílẹ̀, tó sì ń gùn sí i tí ara bá wọ́ lé e. Kí a dìde lórí páálí tí oníbàtà tẹ́ sílẹ̀, kí a tẹ iwájú bàtà: àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù.